Èènì Tí Ìyá Mi Fi Sínú Ìdì Aṣọ

Ní agbolé wa ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, bí ènìyàn bá ta nǹkan tí kò fi èènì sí i, a kì í gbà pé ó ti tà á tán. Àdìrẹ ni a ń ta. Ẹni tó bá ra aṣọ púpọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, nígbà tó bá délé tó tú ẹrù rẹ̀ ni yóò rí gèlè kan tí kò sanwó rẹ̀, tí wọ́n rọra ká sáàárín àwọn tó rà. Ìyá mi kì í sọ fún un lójú ọjà. Ó ní ẹni tó bá ń kéde èènì ti gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe bá a.

Ọ̀rọ̀ èènì yẹn ni mo fẹ́ sọ, àti bó ṣe dé báńkì ní Èkó.

Ogun ńlá àwọn òyìnbó ti parí nígbà náà. Aṣọ funfun tí à ń pè ní tẹ́rú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí wọlé dáadáa, àwọn ìkòkò aró tó ti gbẹ nígbà ogun sì tún kún. Mo ti lọ́kọ, mo ti bí àkọ́bí mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aró kò jẹ́ kí n jìnnà sí ìyá mi. Láàárọ̀, bí mo bá ti wẹ ọmọ tán nílé ọkọ mi ní Aké, mo máa ń gbé e pọ̀n, ó di Ìtòkú. Èmi ni mo ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀, ìyá mi ló ń rì í sínú aró. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo lè ka Bíbélì bí mo bá fara balẹ̀, mo sì mọ òǹkà, nítorí ẹni tí kò mọ òǹkà kò lè bá ìyá mi ṣòwò.

Ọkọ mi ti ṣe akọ̀wé fún ọdún díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun ní Èkó. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ dá tòun sílẹ̀. Ó gba yàrá kan sí ìtòsí etíkun, ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù, ó sì ń wá ẹni tí yóò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní òkè òkun. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ló ń wá sílé. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn ni ìyá oníṣòwò kan ní Sàró, tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ìlú wọn níbẹ̀. Ìran Ẹ̀gbá ni ìyá náà, láti inú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà láéláé tí wọ́n sì já wọn sílẹ̀ sí Sàró. Ṣùgbọ́n kò dé Abẹ́òkúta rí, kò mọ ọkọ mi, ọkọ mi kò sì mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ àdìrẹ ẹgbẹ̀ta ìró, gbogbo rẹ̀ ẹlẹ́kọ, aró tó dúdú dáadáa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Ìyá Sàró ní òun kò ní fowó ránṣẹ́ sí ẹni tí òun kò rí rí. Ọkọ mi náà ní òun kò lè di aṣọ ẹgbẹ̀ta sínú ọkọ̀ ojú omi, kí òun wá jókòó sí Èkó máa retí ojú àánú. Ohun tí àwọn oníṣòwò máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí ni pé wọ́n á fi báńkì sáàárín. Lẹ́tà kírẹ́díìtì ni wọ́n ń pè é. Ìyá Sàró lọ bá báńkì tirẹ̀, báńkì náà sì kọ̀wé sí báńkì kan ní Èkó pé òun ṣèlérí láti san owó aṣọ náà fún ọkọ mi, bí ó bá kó àwọn ìwé báyìí-báyìí wá kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Ìwé ọjà tó ń sọ ohun tó tà àti iye rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ínfọ́ìsì. Ìwé tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi fi ń jẹ́rìí pé ẹrù ti wọ ọkọ̀, tí kò sì lábàwọ́n. Ìwé ìnṣọ́ránsì. Àti ìwé ẹni tó di ẹrù, tí yóò sọ ohun tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lórí ẹní. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àna mi, báńkì yìí, ṣé yóò wá wo aṣọ náà?"

Ọkọ mi ní kò ní wò ó.

"Yóò sanwó aṣọ tí kò fojú rí?"

"Ìwé ni yóò wò, Màmá."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó dára, ayé òyìnbó ni, kálukú pẹ̀lú bó ṣe ń ná ọjà tirẹ̀.

Ẹgbẹ̀ta ìró pọ̀ ju ohun tí agbolé kan lè ṣe lọ. Ìyá mi lọ bá àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ó pín iṣẹ́ fún wọn. Àwọn kan ti ra tẹ́rú sílẹ̀, àwọn kan gbà á ní àwìn. Ìyá mi sọ fún olúkúlùkù pé bí ọkọ̀ bá ti ṣí ní Èkó, owó wọn ti dé. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ti tó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi ká mi lára. Bí owó náà kò bá wá, kì í ṣe ọkọ mi ni àwọn obìnrin náà yóò wò lójú. Ìyá mi ni.

A ṣe aṣọ náà, ó dára. Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ láìgbéraga, nítorí mi ò rí irú aró yẹn mọ́. A kà á ní àádọ́ta-àádọ́ta, a dì í sí ọ̀nà méjìlá, ọkọ mi sì wá dúró kà á pẹ̀lú wa. Ó pé. Ó padà sí Èkó lọ wá àyè nínú ọkọ̀ ojú omi. Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa kó ẹrù lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá, ìyá mi tún tú àwọn ìdì náà díẹ̀ lókè, ó tún wọn dì. Èmi ń fún ọmọ lọ́mú, mi ò bi í léèrè. Ta ló ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ń tún ṣe lára ẹrù?

Ní Èkó, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti fi ẹ̀rọ tẹ aṣọ mọ́ra, kí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ bò ó, kí wọ́n sì fi ọ̀já irin dì í. Ọkọ̀ ojú omi kò ní gba ìdì tí a fi okùn dì ní Ìtòkú. Ọkùnrin tó ṣe tiwa jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: kì í tẹ ohun tí kò kà. Ó ka ìdì kọ̀ọ̀kan, ó kọ ohun tó bá níbẹ̀ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i. Ọkọ mi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù wọ ọkọ̀. Ó wo òkè rẹ̀: ìdì méjìlá. Ó wo àmì tí wọ́n kọ sára ìdì, ó bá ti ọkọ̀ mu. Ó wo orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ínfọ́ìsì tó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sí báńkì, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ra búrẹ́dì fún wa sílẹ̀.

Búrẹ́dì náà ló fi wọlé sí Ìtòkú lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ẹni tó ra búrẹ́dì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi, ó jókòó, ó ní báńkì kò gba ìwé náà. Ínfọ́ìsì òun sọ pé ẹgbẹ̀ta ìró ni, bí lẹ́tà kírẹ́díìtì ṣe wí. Ìwé ẹni tó dì í sì sọ pé mọ́kànléláàádọ́ta ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀, ó di ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Ìwé méjèèjì kò bára mu, báńkì sì ti kó wọn tì. Ó ní òun ti bá adẹrù náà jà, òun ní kò mọ ení yàtọ̀ sí èjì. Ọkùnrin náà sì búra pé ohun tí ọwọ́ òun kà ni òun kọ.

Ìyá mi ti ń yọ ọwọ́ kúrò nínú aró. Ó nu ọwọ́ náà sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rọra nù ún.

"Ẹ lọ bẹ ọkùnrin yẹn," ó ní. "Ó mọ̀ ọ́n kà. Èmi ni mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé e."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Àna ẹni kọ́ ni a ń bá wí. Èmi ni mo béèrè ìdí rẹ̀.

"Èènì kẹ̀," ìyá mi dá mi lóhùn. "Ṣé kí ẹni tó ra ẹgbẹ̀ta ìró lọ́wọ́ mi tú ẹrù rẹ̀, kó má bá nǹkan kan?"

Mo rántí pé ọkọ mi bojú wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín. Ìyá mi náà rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun yóò bá a lọ sí Èkó, òun yóò lọ ṣàlàyé fún báńkì náà pé ẹ̀bùn ni, kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Àwa mẹ́ta la wọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá, àwa mẹ́rin bí mo bá ka ọmọ ẹ̀yìn mi. Ìyá mi wọ aṣọ tó dára, ó sì mú ìró àdìrẹ kan dání nínú ìborùn. Mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó fẹ́ kí báńkì fojú rí aṣọ.

Báńkì náà tutù, ó sì dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá wọn, òyìnbó ni, ó wà ní yàrá inú, a kò rí i. Akọ̀wé tó ń bójú tó irú ìwé wa ló dá wa lóhùn, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti ń hewú. Ó dìde kí ìyá mi dáadáa, ó wá àga fún un. Nígbà tó gbọ́ pé Abẹ́òkúta ni a ti wá, tó sì gbọ́ ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó," ó ní, "ká ní Ìjẹ̀bú ló di ẹrù yìí ni, ẹ̀ bá ti gbowó yín lọ. Àwa kì í fi nǹkan lé e."

"A ti mọ̀," ìyá mi fèsì. "Ìdí nìyí tí a fi kọjá yín wá sí báńkì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ẹlòmíràn fi yọjú. Lẹ́yìn ìyẹn ó bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹbí. Ìyá mi tú ìborùn, ó tẹ́ àdìrẹ náà sórí tábìlì, ó ní kó fọwọ́ kàn án, kó wo bí aró ṣe mú un. Ó fọwọ́ kàn án, ó yìn ín. Ó wá ká a padà, ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́.

"Aṣọ tó dára ni, Màmá. Ṣùgbọ́n èmi kò ra aṣọ. Bí ẹ bá di ẹ̀pà sínú ìdì náà, tí ìwé yín sì bára mu, èmi yóò sanwó, ìyá tó wà ní Sàró ni yóò wá bá yín ṣẹjọ́. Bí ẹ bá di wúrà sí i, tí ìwé kò bára mu, mi ò lè san kọ́bọ̀."

Ìyá mi ní, "Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣàlàyé. Owó tí báńkì Èkó yóò san fún ọkọ mi, báńkì Sàró ni yóò dá a padà fún wọn. Báńkì Sàró sì ti sọ irú ìwé tí òun yóò gbà. Bí Èkó bá sanwó lórí ìwé tó yàtọ̀, bó ṣe wù kí ìyàtọ̀ náà kéré tó, báńkì Sàró lè ní òun kò rán wọn níṣẹ́, owó náà á sì sé mọ́ Èkó lọ́wọ́. Òun tó jókòó síbẹ̀ kò rí ọkọ̀, kò rí aṣọ, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn àti èyí tó jẹ́ ẹ̀tàn. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kó tẹ́ ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kó wò ó bóyá ohùn wọn dọ́gba.

Ọkọ mi béèrè bóyá òun lè tẹ ínfọ́ìsì mìíràn, kó sọ pé ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, méjìlá jẹ́ ọ̀fẹ́. Akọ̀wé ní ìwé yẹn á bá ti adẹrù mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní bá lẹ́tà kírẹ́díìtì mu mọ́, nítorí ẹgbẹ̀ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọkọ mi wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí adẹrù bá tún ìwé tirẹ̀ kọ ńkọ́, kó kọ àádọ́ta.

Akọ̀wé fi ìgò ojú rẹ̀ padà sójú. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìyẹn," ó ní. Ó kọjú sí ìyá mi. "Màmá, ní èbúté Sàró, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ìdì kan, tí wọ́n bá mọ́kànléláàádọ́ta, tí ìwé sọ pé àádọ́ta, ta ni wọ́n máa mú? Ìyá tí ẹ fún lẹ́bùn ni. Wọ́n á ní ó ń jí ẹrù wọlé."

Nígbà náà ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọ ìyá mi létí. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ti sọ nípa báńkì àti báńkì, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀bùn òun lè di ẹjọ́ sí ẹlòmíràn lọ́rùn, ìyẹn yé e. Ó wo ọkọ mi. Kò bínú. Ó ní, "Àna mi, a kò ní mú kí adẹrù kọ ohun tí kò rí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló pé pérépéré nínú ọ̀rọ̀ yìí." Ó wá bi akọ̀wé pé kí ló kù.

Ọ̀nà kan ló kù. Báńkì Èkó yóò tẹ wáyà sí báńkì Sàró pé ìwé dé kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n àbùkù báyìí wà lára rẹ̀. Kí wọ́n bi oníbàárà wọn bóyá yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Bó bá gbà, tí báńkì rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, owó á jáde. Bó bá kọ̀, ìlérí báńkì ti tú, ó di àárín òun àti ọkọ mi, láìsí báńkì láàárín. Akọ̀wé kò fi pamọ́ fún wa: bí ọjà bá ti lọ sílẹ̀ ní Sàró láti ìgbà tó ti béèrè aṣọ náà, irú àyè báyìí ni oníṣòwò mìíràn ń wá láti fi sọ pé òun kò rà mọ́, tàbí kó ní kí wọ́n bu owó kúrò. Ọkọ̀ sì ti ṣí. Aṣọ ti wà lórí òkun. Ìwé ọkọ̀ tí a fi ń gba ẹrù ní èbúté wà nínú àpótí báńkì, tó fi jẹ́ pé ìyá Sàró kò lè gba aṣọ, àwa náà kò lè gba owó.

Ìyá mi ní kí wọ́n fi sínú wáyà náà pé èènì ni. Akọ̀wé ní wáyà báńkì kì í sọ irú ìyẹn. Ohun tí kò bára mu nìkan ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ mi lè fi owó tirẹ̀ tẹ òmíràn sí ìyá náà. Owó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò kéré, nítorí náà wọ́n jókòó ti bébà, wọ́n ń gé gèésì kúrú. Ọkọ mi kọ ọ́ lọ́nà kan, akọ̀wé tún un ṣe, wọ́n ń wá gèésì tí wọn ó fi pe èènì. Ìyá mi dá wọn dúró.

"Ẹ kọ ọ́ ní èènì," ó ní. "Bó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀."

Akọ̀wé ní bí kò bá gbọ́ ọ rí ńkọ́.

"Yóò béèrè. Ẹni tó ń béèrè kò tíì kọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Gèésì yí i ká, èènì dá dúró láàárín.

Nígbà tí a padà dé, ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lọ láti agbolé dé agbolé, ó sọ fún àwọn obìnrin tó bá wa ṣe aṣọ pé ọkọ̀ ti ṣí o, owó kò tíì dé, òun ló sì fà á. Mo tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú wọn ní kò burú, wọ́n á mú sùúrù. Ọ̀kan tó lẹ́nu bí abẹ, àlhájà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọwọ́ ìyá mi ti là jù, pé lọ́jọ́ kan yóò fi ara rẹ̀ ṣe èènì fún oníbàárà. Ìyá mi ní bó bá jẹ́ pé àlhájà ni òun ń fi ṣe èènì, oníbàárà á dá a padà. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, ìyá mi gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó pọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Bó bá ní nǹkan lọ́kàn, ó fẹ́ràn kí ọmọ wà lẹ́yìn òun.

A kò jókòó máa retí. Àwọn ìkòkò tó kún, a lò wọ́n. Mo ya ẹ̀kọ, mo sá aṣọ sórí àpáta, ó gbẹ, mo tún ká a. Bí mo bá rántí àkókò yẹn báyìí, kì í ṣe ìbẹ̀rù ni mo ń rántí jù. Oòrùn ọ̀sán lórí àpáta ni, òórùn aró, ọmọ mi tó ń kọ́ láti rìn, tó di ẹsẹ̀ ìyá mi mú, tí àtẹ́lẹwọ́ aró sì wà lára aṣọ rẹ̀. Ìyá mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á gbójú sókè, á ní, "Ṣé ó mọ èènì báyìí?" Èmi á ní ó mọ̀ ọ́n. Á ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" A ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ tó ń wá. A rí i láti ẹnu ọ̀nà, kò ra búrẹ́dì. Ìyá mi dìde dúró. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣe é gbọọrọ lórí ilẹ̀ aró, gbogbo ẹ̀wù funfun rẹ̀ bàjẹ́, mo mọ ìdáhùn kó tó lanu. Báńkì Sàró ti dáhùn pé oníbàárà àwọn gba ìwé náà bó ṣe rí, kí Èkó sanwó. Báńkì sì ti san án. Ó kó owó àwọn obìnrin náà wá nínú àpò, ìyá mi kò sì jẹ́ kó mu omi kó tó pín in. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé ilé ẹni tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, lẹ́tà ìyá Sàró dé. Ọkọ mi kà á fún wa ní Yorùbá. Ó ní nígbà tí báńkì rẹ̀ pè é pé ìwé Èkó ní àbùkù, òun ti fẹ́ kọ̀ ọ́, nítorí àwọn tó mọ òwò ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò gún, aṣọ rẹ̀ kò ní gún. Ṣùgbọ́n wáyà kejì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀ mọ́, oríkì òun àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ díẹ̀ ni òun mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà òun ta ìrẹsì ní ọjà wọn, bó bá sì wọn ọ́n tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, á ní "èènì rẹ rèé." Òun kò rí i kọ sílẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn. Ó ní òun sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kí wọ́n tó ṣí ẹrù pé méjìlá wà lórí iye tó wà nínú ínfọ́ìsì, òun sì san owó ibodè lórí gbogbo rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ló ti bẹ ìyá mi: aṣọ náà dára, òun fẹ́ ẹgbẹ̀ta mìíràn, ṣùgbọ́n kí ìyá jọ̀wọ́ má fún òun ní nǹkan kan mọ́, nítorí àwọn ará báńkì rẹ̀ kò tíì sinmi bíbi í léèrè irú èèyàn wo ló ń fi aṣọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá mi ní kí ọkọ mi tún ibẹ̀ kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà náà, ẹrù kankan kò kúrò ní Ìtòkú láìjẹ́ pé a jókòó yí ìwé ká. Ọkọ mi á mú lẹ́tà kírẹ́díìtì dání, á máa kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, èmi á fi ìka tẹ ibi tó bá a mu nínú ínfọ́ìsì. Tí ìwé adẹrù bá dé láti Èkó, a ṣe tirẹ̀ bákan náà kó tó gbé e lọ sí báńkì. Ìyá mi á jókòó tì wá, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ló ń béèrè jù: "Iye ńkọ́? Wọ́n dọ́gba? Àmì ara ìdì ńkọ́?" Akọ̀wé Ìjẹ̀bú náà sọ fún ọkọ mi pé ìwé wa ti mọ́ jù, pé òun kò rí ibi tí òun yóò fi ìgò ojú òun sí mọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Mi ò gbà pé ẹni tí ó ti fi èènì sí ọjà láti kékeré lè jáwọ́ nínú rẹ̀ nítorí báńkì. Mo ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí a ń ṣe ìdì ìkẹyìn nínú ẹgbẹ̀ta kejì, àwọn aṣọ náà ti mu aró tán, iye ìgbà tí a máa ń rì wọ́n ti pé, mo sì ti na ọwọ́ láti gbà wọ́n lọ sá. Ìyá mi kò fún mi. Ó tún rì wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mú sùúrù, ó fà wọ́n sókè, wọ́n dúdú bí òru, omi aró ń ro tó-tó-tó padà sínú ìkòkò.

Mo ní, "Ìyá mi, wọ́n ti mu ún tẹ́lẹ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀. Lọ kà wọ́n."

Mo kà wọ́n. Àádọ́ta ni.